Bí a ṣe ń ka àlàfo inú ewì àwòrán: ewì kan lórí Ògùnpa, láti ìlà kìn-ín-ní dé ìkẹwàá

Ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, àwa bíi mẹ́jọ máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Bódìjà láti ka ewì. Olùkọ́ wà nínú wa, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági náà sì wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Aláṣọ. Ewì tí ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú kì í dà wá láàmú. Èyí tí àyè funfun inú rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ ló máa ń fa wàhálà: ọ̀rọ̀ kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, ìlà tó já láàárín ọ̀rọ̀. Bí irú rẹ̀ bá dé, ẹnì kan á ní, "Àlàfo yìí dúró fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́." Ẹlòmíràn á ní, "Ó dúró fún òfo." Kò sí ewì alálàfo kan láyé tí èèyàn ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún wọn pé wọn ò tíì sọ nǹkan kan.

Mo wá kọ ewì kúkurú kan fún ìdánrawò, kí a lè tú u palẹ̀ pọ̀. Àkọlé rẹ̀ ni "Ògùnpa, 1980", láti ara orúkọ odò tó ṣàn gba àárín Ìbàdàn kọjá.

```
ilé ilé ilé ilé ilé ilé
ilé ilé ilé     ilé ilé
ilé ilé ilé     ilé ilé
ilé ilé         ilé ilé
ilé ilé          lé ilé
ilé                 ilé
        omi ya
                 lé
ilé                 ilé
ilé ilé ilé ilé ilé
```

Lóòótọ́, èmi ni mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí ìyẹn gbà pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo mọ̀. Ẹ ó rí i níwájú pé ìlà kan wà tí àwọn ẹlòmíràn kà dáadáa jù mí lọ.

Ṣé akéwì ló fi àyè yẹn sílẹ̀, àbí ẹ̀rọ?

Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibí sì ni èmi fúnra mi ti tẹ́ rí. Mo gbé ewì kan wá láti inú fóònù, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ewì náà dúró lẹ́yìn ìlà kẹfà, ìyókù bọ́ sí ojú kejì, ìdajì ojú kìn-ín-ní sì ṣófo gbáà. Bíi wákàtí kan ni mo fi ṣàlàyé fún wọn pé akéwì fi ìdajì bébà sílẹ̀ láti fi bí ọ̀fọ̀ ṣe wúwo tó hàn. Ọmọkùnrin kan ní ìwé tí ewì náà ti wá nínú àpò rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá rọra ṣí i. Ìlà mẹ́rìnlá ló tẹ̀ léra wọn láìsí àlàfo kankan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ṣọ̀fọ̀, kì í ṣe akéwì.

Ìdánwò tó rọrùn jù lọ fún ẹni tó ń kàwé lórí fóònù ni pé kí ó yí fóònù rẹ̀ sí ìbú. Bí ibi tí ìlà ti já bá yí padà, fóònù ló já a, torí pé ojú rẹ̀ ò fẹ̀ tó. Bí ó bá dúró síbẹ̀ gbọn-in, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti akéwì. Bí ẹ bá ń fura sí bébà, ẹ wo àwọn ìlà tó gùn jù: bí gbogbo wọn bá dé etí ọ̀tún kí wọ́n tó já, tí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sì bọ́ sísàlẹ̀ lẹ́yìn wọn, etí bébà ló gé wọn.

Ewu kejì kì í tètè hàn. Ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ àlàfo márùn-ún tó tẹ̀ léra wọn di ẹyọ kan, àfi bí ẹni tó gbé e síbẹ̀ bá fi àmì `<pre>` dè é. Ewì tó bá gba irú ibẹ̀ kọjá á rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí apá òsì, èèyàn á sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọ́ọ̀tsáàpù kì í pa àlàfo rẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kò fẹ̀ bákan náà: "i" tín-ín-rín, "m" gbòòrò, nítorí náà ohun tó wà lábẹ́ ara wọn nínú ìwé á yẹ̀ kúrò lábẹ́ ara wọn. Ẹ fi àmì ` lẹ́ẹ̀mẹta síwájú ewì náà àti lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà gbogbo á wá fẹ̀ bákan náà. Bí fáìlì Wọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ tẹ `Ctrl+Shift+8`: àlàfo kọ̀ọ̀kan á di ẹyọ tó-ó kékeré kan, ẹ ó sì lè kà á. Nínú ewì wa yìí, ìlà kejì ní àlàfo márùn-ún láàárín "ilé" kẹta àti ìkẹrin. Bí tiyín kò bá pé márùn-ún, ẹ̀dà tó bàjẹ́ lẹ ń kà.

Èmi a máa da irú ewì báyìí kọ sórí bébà gíráàfù, lẹ́tà kan sí àpótí kan. Ìlà kìn-ín-ní gba àpótí 23. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì sàn ju àròjinlẹ̀ wákàtí kan lọ.

Ẹ wá òfin kí ẹ tó wá ìtumọ̀

Àyè funfun kì í dá sọ̀rọ̀. Ohun tí ojú ti ń retí níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Bí aládùúgbò yín bá fi àyè sílẹ̀ láàárín ilé méjì, kò sí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ̀ pé ilé kan ti wà láàárín wọn lánàá, àyè yẹn ti di ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀, báwo ni ewì yìí ìbá ṣe rí? Ìlà kìn-ín-ní ló dáhùn fún wa. "Ilé" mẹ́fà, àlàfo kan láàárín èkíní àti èkejì. Òfin ewì náà nìyẹn. Ká ní wọ́n tẹ̀ lé òfin yìí dé ìsàlẹ̀, òpó mẹ́fà ní ìlà mẹ́wàá, 60 "ilé" ni à bá kà. Ẹ wá ka èyí tó wà níbẹ̀ gan-an: mẹ́fà, márùn-ún, márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta pẹ̀lú àbọ̀ kan, méjì, kò sí, kò sí, méjì, márùn-ún. Ilé tó pé pérépéré jẹ́ 32.

Ó lè dà bíi ṣíṣirò àkàrà lórí ewì, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó fún wa. A ò sọ mọ́ pé "àlàfo pọ̀ nínú ewì yìí". Ohun tí a ń sọ ni pé ilé kan ló kọ́kọ́ lọ, láti òpó kẹrin. Pé fún ìlà méjì kò sí òmíràn tó lọ. Pé ìkẹta ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìkarùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ yára. Ohun tó ń fẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tó kàn ṣófo.

Eugen Gomringer, akéwì ọmọ ilẹ̀ Síwísálàǹdì tí wọ́n bí ní Bòlífíà, ní ewì kan tó fi ọgbọ́n yìí hàn kedere. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó túmọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní èdè Sípéènì, mẹ́ta sí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà márùn-ún. Ó yẹ kí ó jẹ́ 15, ṣùgbọ́n 14 ló wà níbẹ̀, nítorí ó yọ èyí tó wà láàárín gbùngbùn kúrò. Ihò yẹn nìkan ló dákẹ́ lóòótọ́. Àwọn 14 yòókù kàn ń pariwo pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni àwọn. Níbẹ̀, àlàfo jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nínú ewì tiwa, "ilé" ni wọ́n yọ. Àlàfo tiwa kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rárá. Ní tòótọ́, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ariwo ti pọ̀ jù.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀nà òyìnbó ni kí ìtò máa sọ̀rọ̀ ti gbàgbé àrokò. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n dojú wọn kọ ara wọn, ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀ ni; owó ẹyọ méjì kan náà tí wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Kò sí nǹkan tó yí padà lára owó náà.

Ihò tó wà nínú ọ̀rọ̀

Ìlà karùn-ún ni ó yẹ kí ẹ pẹ́ sí. Ní òpó karùn-ún, dípò "ilé", "lé" ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gbẹ́ni kan béèrè lọ́wọ́ mi ni pé, "Tíṣà, ṣé àṣìtẹ̀ kọ́ nìyí?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn.

Bí ọwọ́ bá fo lẹ́tà kan nígbà tí a ń tẹ̀wé, lẹ́tà tó kù á sún wá síwájú láti gba ipò rẹ̀. Ká ní àṣìtẹ̀ ni, "lé" ìbá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí "i" wà, "ilé" tó tẹ̀ lé e ní òpó kẹfà ìbá sì ti yẹ̀ wá sí òsì. Ẹ wo bébà gíráàfù yín: ipò "i" ṣì ṣófo, "lé" wà ní ipò tirẹ̀ gan-an, òpó kẹfà kò sì mì. Ẹnì kan mú lẹ́tà náà kúrò, ó sì pa àyè rẹ̀ mọ́. Bí a ṣe ń fi ìyàtọ̀ sí àṣìtẹ̀ àti ète nìyẹn nínú ewì àwòrán: ète a máa pa àyè ohun tó lọ mọ́.

Kí ló wá kù nígbà tí "i" lọ? Èdè tiwa lọ́rọ̀ níbí. "Lé" kì í ṣe pàǹtírí. Ọ̀rọ̀ ni, ó ní ohùn òkè kan náà tó wà lórí "ilé". Kí á lé ènìyàn ni kí á sá tẹ̀ lé e, tàbí kí á lé e jáde. Omi mú etí kan ṣoṣo lára ilé, ilé bá di lílé. Ẹ kíyè sí i pé ohùn ló jẹ́ kí eléyìí ṣeé ṣe. Bí akéwì bá ya ọ̀rọ̀ sí méjì tí ohùn àjákù rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ mìíràn mu, ẹ má fi tipátipá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. "Agbára" àti "àgbàrá" fara jọra lójú ẹni tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ewì tó bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kò fún yín láyè láti fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ibi tí ìlà ti já

Ìlà keje: "omi ya". Ìlà kẹjọ: "lé". Ìlànà mi fún ìlà tó já ni pé kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kìn-ín-ní, ẹ dúró ní òpin ìlà bí ẹni pé kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìgbà kejì, ẹ kà á kọjá. Ìtumọ̀ méjì náà ni kí ẹ mú lọ sílé. Ìtumọ̀ kejì kì í pa èkíní rẹ́.

Bí ẹ bá dúró síbi "omi ya", omi ya jáde kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, bí èrò ṣe ń ya wọ ọjà. Ó sì tún lè jẹ́ pé ó ya bí aṣọ ṣe ń ya. Ohùn àárín kan náà ni méjèèjì, kò sì sí ohun tó sọ èyí tí a ó mú nínú wọn. Ẹ ò tíì mọ ibi tí ó ya wọ̀. Bí ẹ bá wá kọjá sí ìlà kẹjọ, ó di "omi yalé", ọ̀rọ̀ tí gbogbo ará Ìbàdàn mọ̀, torí pé Omíyalé ni wọ́n ń pe ìkún-omi ńlá irú ti Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ilé àti ẹ̀mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń wo "lé" tó dá dúró níbẹ̀. Omi ya, ó sì lé.

Bí àwa Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ tún ran akéwì lọ́wọ́. "Ya ilé" la ti mú "yalé" jáde. "I" ti sọnù nínú ẹnu wa kí ó tó sọnù lórí bébà. Ewì náà kàn fi ojú hàn wá ohun tí etí ti gbà tipẹ́.

Ẹ tún wo ibi tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dúró sí. "Omi" bẹ̀rẹ̀ ní ipò òpó kẹta gan-an, "ya" ní ti òpó kẹrin. "Lé" ìlà kẹjọ sì wà ní ìsàlẹ̀ "lé" ìlà karùn-ún tààrà, lẹ́tà sábẹ́ lẹ́tà. Omi jókòó sórí ìpìlẹ̀ àwọn ilé tó kọ́kọ́ lọ. Àjákù ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní ìlà karùn-ún ni omi gbé wá bá wa ní ìlà kẹjọ.

Láti òkè wá sísàlẹ̀: kí ni ìsàlẹ̀?

Níbí ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó béèrè nípa àṣìtẹ̀ sọ pé àwòrán ilẹ̀ ni: a wà lókè, a ń wo odò láàárín ilé, ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bébà. Ìyá Aláṣọ ní rárá, pé àkókò ni: ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àdúgbò kan náà, ní wákàtí tó yàtọ̀. Ewì àwòrán púpọ̀ ló máa ń gbà kí a kà á ní ọ̀nà méjèèjì, èèyàn sì lè jókòó sí àárín kí ó ní òótọ́ ni gbogbo wọn. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn kí a tó wo ẹ̀rí.

Bí àwòrán ilẹ̀ bá ni, odò gbọ́dọ̀ wọlé láti ibì kan kí ó sì jáde síbì kan. Ẹ wo ìlà kìn-ín-ní: ilé mẹ́fà so pọ̀, kò sí ojú odò. Ẹ wo ìlà kẹwàá: òpó kẹta, kẹrin àti ìkarùn-ún kún fún ilé. Odò kan kì í bẹ̀rẹ̀ láàárín ilé kí ó sì parí sínú ilé. Ọ̀rọ̀ Ìyá Aláṣọ lágbára jù. Bí a bá sì gbà á, nǹkan kan yọjú tí èmi tí mo kọ ewì náà kò rò: nígbà tí omi fà, wọ́n tún ilé kọ́ sórí ibi tí omi gbà kọjá, títí kan òpó kẹrin tó kọ́kọ́ wó. Ohun tí mo ní lọ́kàn nípa ìlà kẹwàá kò ju pé omi ti lọ. Ohun tó wà lórí bébà ju ìyẹn lọ, ó sì ní ẹ̀rí, nítorí náà òun ni mo gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ fi òwe dé e ládé: àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe tó bá ọ̀ràn mu ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Òwe náà sọ pé onílé ò ní gbà. Ìlà kẹwàá sọ pé onílé gbà, ó sì tún kọ́ òmíràn sí i. Òwe lè ràn yín lọ́wọ́ láti rí ibi tí ewì yà sí, kò yẹ kí ó bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àkọlé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo ó, kí ẹ tún wo ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè ní ìjọba ló ń wó ilé láti la títì, ewì náà ò sì ní jà á níyàn títí "omi" yóò fi dé ní ìlà keje. Ìyẹn jẹ́ kí a mọ ohun tí àwòrán nìkan lè ṣe: ó lè sọ pé ilé ń lọ, àti bí wọ́n ṣe ń lọ. Ohun tó ń gbé wọn lọ, ọ̀rọ̀ ló sọ ọ́.

Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ sún un

Ìdánwò méjì ni mo máa ń ṣe kí n tó gbà pé àlàfo kan níṣẹ́ tó ń ṣe. Àkọ́kọ́, ẹ kọ ewì náà bí ọ̀rọ̀ lásán: "Ilé pọ̀ lẹ́bàá Ògùnpa. Omi yalé. Ilé dín kù." Kí ló sọnù? Pé ilé ń lọ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ wọ̀ọ̀. Pé ilé di lílé. Pé wọ́n tún kọ́lé sójú omi. Ohun mẹ́ta yìí, inú àyè funfun nìkan ni wọ́n wà. Bí ẹ bá tẹ́ ewì kan pẹrẹsẹ tí ẹ ò rí ohun tó sọnù, ọ̀ṣọ́ ni àlàfo rẹ̀. Mo ti rí ewì kan nípa ife tíì tí wọ́n tò ní ìrísí ife. Mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ ṣì pé. Àwòrán tó dára ni o, ṣùgbọ́n kò sí kíkà lára rẹ̀, ẹ má sì wá a kiri.

Ìkejì, ẹ sún nǹkan kan ṣoṣo kí ẹ wo ohun tó bàjẹ́. Ẹ gbé "lé" ìlà kẹjọ padà sókè kí ó di "omi yalé". Ìròyìn lásán ló dà. Ẹni tó ń kà á kò dúró níbi "ya" mọ́. Ẹ wá jẹ́ kí ó wà ní ìlà kẹjọ, ṣùgbọ́n ẹ tì í lọ sí etí òsì pátápátá. Ìlà ṣì já, ẹni tó ń kà á ṣì dúró níbi "ya", àmọ́ "lé" kò sí lábẹ́ "lé" mọ́, ilé tó fọ́ ní ìlà karùn-ún kò sì dé ibì kankan. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tí jíjá ìlà ń ṣe, ọ̀tọ̀ ni ti ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí. Èyí tí wọ́n ń sábà pàdánù ni èyí kejì, torí pé ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni ní ewì kò kọjá ibi tí ìlà ti já.

Àlàfo tó wà ní etí

Ìlà kẹwàá ní ilé márùn-ún. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, ojú á rí i. Èyí tó wà ní òpin ìlà, ó ti dara pọ̀ mọ́ etí bébà, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ bí kò bá kà á. Nínú àwa mẹ́jọ, ẹni méje ló sọ pé ìlà kẹwàá ti pé. Nítorí náà, bí ewì bá ti ní òpó, ẹ máa ka ìlà tó kẹ́yìn lọ́nà méjì, láti òsì, kí ẹ tún kà á láti ọ̀tún.

Ọ̀nà tí a fi mú un gan-an ni ohùn. Ẹni mẹ́fà dìde, a pín òpó fún wọn, mo sì ń pàtẹ́wọ́ kan fún ìlà kan. Ẹni tí "ilé" bá wà ní òpó rẹ̀ á sọ ọ́, ẹni tí àlàfo bá kàn á pa ẹnu mọ́. Ẹ má sáré. Bí ìṣẹ́jú àáyá méjì láàárín àtẹ́wọ́ méjì ló dára. Ní ìlà kìn-ín-ní, ohùn mẹ́fà dún pọ̀. Ẹni òpó kẹrin sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ìgbà tí yóò tún sọ̀rọ̀ ní ìlà keje, "ya" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹni òpó kẹta ti sọ "omi". Àwọn tí omi gba ilé lọ́wọ́ wọn náà ni ohùn omi. Ojú nìkan kì bá tí rí ìyẹn láéláé.

Òpó kẹfà ni Ìyá Aláṣọ mú. Ó sọ "ilé" lẹ́ẹ̀mẹfà láìdánudúró. Ó dákẹ́ ní ìlà keje àti ìkẹjọ, bí gbogbo ilé ṣe dákẹ́. Ní ìlà kẹsàn-án, nígbà tí òun àti ẹni òpó kìn-ín-ní nìkan ṣẹ́kù, ó tún sọ ọ́, ohùn rẹ̀ le. Mo pàtẹ́wọ́ ìkẹwàá. Ohùn márùn-ún dún láti òsì, ó la ẹnu, ó wo bébà, ó sì pa á dé.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, mo wà níbẹ̀ nígbà tí omi fà. Ẹ wò ó, ìlà kẹsàn-án rèé. Omi kọ́ ló gbé mi. Ta ló wá lé mi?"

A wo bébà títí. Àpótí mẹ́ta ti òpó kẹfà ló ṣófo ní òpin ìlà kẹwàá, kò sì sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tí a lè di mú.